Bí ẹ ṣe lè ka ìwé Yorùbá àtijọ́ tí èdè rẹ̀ le títí dé ojú ewé ìkẹyìn

Ìbéèrè kan kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn òǹkàwé: "Mo gbọ́ Yorùbá, mo ń sọ ọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kí ló wá dé tí mo ṣí ìwé àtijọ́ kan, tí mo dé orí kejì, tí mo sì pa á dé?" Ìdáhùn mi rèé, ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀. Àwọn ìwé tí mo ní lọ́kàn ni èyí tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974: ìwé ìtàn, ìwé ìgbàgbọ́, ìtàn àròsọ. Àwọn kan lára wọn ti ní ẹ̀dà tuntun, ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ti àtijọ́.

## Ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó ń dá yín dúró

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀rọ̀ tí àwọn kò mọ̀ ló pọ̀ jù. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ohun mẹ́ta ló máa ń wà níbẹ̀, oògùn wọn kò sì jọra: àkọtọ́ tó yàtọ̀ sí tiwa, gbólóhùn tó gùn, àti ọ̀rọ̀ tí kò sí lẹ́nu wa mọ́. Ẹ dán èyí wò kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn:

1. Ẹ ṣí ojú ewé kan láàárín ìwé náà. Ẹ má ṣe mú ti ìbẹ̀rẹ̀.
2. Ẹ fi ohùn sókè kà á, ẹ má yára.
3. Níbikíbi tí ahọ́n yín bá ti kọ́lẹ̀, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì kọ A sí etí ìwé bó bá jẹ́ pé bí wọ́n ṣe kọ ọ̀rọ̀ náà ni kò yé yín, G bó bá jẹ́ pé gbólóhùn ló gùn tó fi sọnù, Ọ bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni ẹ kò mọ̀.
4. Ẹ ka àmì náà.

Bí A bá pọ̀ jù, bó sì ṣe sábà máa ń rí nìyẹn, inú yín kó dùn. Àkọtọ́ ni nǹkan tó rọrùn jù láti borí nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé àwọn òfin díẹ̀ ló ń darí rẹ̀, wọ́n á sì máa padà wá ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan.

## Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ àkọtọ́ àtijọ́ sí ìwé pélébé kan

Ẹ mú ìwé pélébé tó lè wọ inú ìwé náà, kí ẹ fi ṣe àmì ibi tí ẹ kà dé. Ẹ kọ ìwọ̀nyí sí i:

- aiye, aiya, ẹiyẹ: ẹ yọ *i* tó wà níwájú *y*. Ayé, àyà, ẹyẹ.
- nwọn, ẹnyin: wọ́n, ẹ̀yin.
- enia, obirin, ọkọnrin: ènìyàn, obìnrin, ọkùnrin.
- yio: yóò.
- nlọ, nṣe, mbọ, mbẹ: ń lọ, ń ṣe, ń bọ̀, ń bẹ. Wọ́n lẹ *n* tàbí *m* mọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe.
- nigbati, gẹgẹbi, nitoripe, biotilẹjẹpe: ẹ tú u ká. Nígbà tí, gẹ́gẹ́ bí, nítorí pé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé.
- nã, bẹ̃ni, õrun, õgun: àmì tó wọ́ lórí fáwẹ́lì ń sọ pé fáwẹ́lì méjì ló wà níbẹ̀. Náà, bẹ́ẹ̀ ni, oòrùn, oògùn.

Ọ̀rọ̀ kéékèèké méjì kò ṣeé kọ bẹ́ẹ̀ kí a sì kọjá, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe iṣẹ́ méjì.

Li. Nígbà mìíràn *ní* ni: "li ọjọ nã" ni ní ọjọ́ náà. Nígbà mìíràn *ni* ni: "iwọ li o pè mi" ni ìwọ ni ó pè mí. Bí ibi kan tàbí àkókò kan bá tẹ̀ lé e, *ní* ni. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló ṣáájú rẹ̀ tí "o" sì tẹ̀ lé e, *ni* ni.

On. Èyí ló ń da àwọn òǹkàwé rú jù. "On si dide" túmọ̀ sí pé òun sì dìde. Ṣùgbọ́n "baba on ọmọ" túmọ̀ sí bàbá àti ọmọ. Ẹ wo apá méjèèjì rẹ̀: bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá wà níwájú àti lẹ́yìn, *àti* ni, bí ohun tó tẹ̀ lé e bá jẹ́ iṣẹ́ tí ẹnì kan ṣe, *òun* ni.

Ìkìlọ̀ kan nípa àmì ohùn. Àwọn ìwé wọ̀nyí kì í sábà fi àmì sí orí ọ̀rọ̀, àfi níbi tí òǹkọ̀wé bá rò pé ó lè ṣini lọ́nà. Nítorí náà, ẹ lè rí "o gbe ọkọ rẹ le ejika", kí ẹ má sì mọ̀ bóyá ọkọ́ tí a fi ń ro oko ni tàbí ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun. Ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ ka gbólóhùn náà dé òpin, ẹ ka èyí tó tẹ̀ lé e. Bí ẹni náà bá ń lọ sóko, ọkọ́ ni; bí ó bá ń lọ sógun, ọ̀kọ̀ ni. Ẹni tó bá dúró lórí ọ̀rọ̀ náà láti rò ó kò ní rí ìdáhùn, nítorí iwájú ni ìdáhùn wà.

Ẹ má ṣe máa kọ àkọtọ́ òde òní sórí gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé náà. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí: ojú ewé méjì àkọ́kọ́ kún fún lẹ́ẹ̀dì, ìyókù mọ́ tónítóní, nítorí pé ó ti sú ẹni náà.

## Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ gé gbólóhùn gígùn níbi tí "si" wà

Gbólóhùn inú ìwé àtijọ́ lè gba ìdajì ojú ewé kí ó tó dé àmì ìdánudúró. Kò sí ẹni tó lè gbé gbogbo rẹ̀ sọ́kàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n àwọn òǹkọ̀wé yẹn fi ọ̀nà hàn wá: ibi tí ìṣe tuntun bá ti bẹ̀rẹ̀, "si" ni wọ́n sábà máa ń fi síbẹ̀. Ìyẹn ni *sì*. Bí ẹ bá gé gbólóhùn náà níbẹ̀, ẹ óò rí àwọn gbólóhùn kúkúrú tí ẹ lè mú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa ṣe é. Èmi fúnra mi ni mo kọ àpẹẹrẹ yìí ní àkọtọ́ àtijọ́, kí ohun tí mò ń sọ lè hàn kedere:

> Nigbati ilẹ si mọ, ọba nã pe awọn ijoye rẹ jọ, o si wi fun wọn pe, Ẹnyin enia mi, ọran kan mbẹ li aiya mi, o si wuwo jù ohun ti emi nikan le rù lọ. Nwọn si dahun wipe, On ha li o mu ki oju rẹ ki o fàro lati ijẹta bi?

1. Ẹ gé e. Ilẹ̀ mọ́. / Ọba pe àwọn ìjòyè jọ. / Ó wí fún wọn. / Ọ̀ràn kan wà. / Ó wúwo. / Wọ́n dáhùn.
2. Ẹ béèrè ẹni tó ń ṣe é ní ègé kọ̀ọ̀kan. Ọba ni "o" ti "o si wi". Ṣùgbọ́n ọ̀ràn ni "o" ti "o si wuwo", kì í ṣe ọba. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣìnà: wọ́n ń gbé "o" kan náà lọ láti ègé dé ègé.
3. Ẹ dá àkọtọ́ padà. "Mbẹ li aiya mi" ni ń bẹ ní àyà mi. "Nwọn" ni wọ́n.
4. Ẹ wá ohun tó kù tí kò yé yín. Ó ku "ha" àti "bi". Ìbéèrè ni wọ́n jọ ń ṣe: ọ̀kan dúró láàárín, ọ̀kan dúró ní ìparí. Ẹ yọ méjèèjì kúrò, ẹ fi *ṣé* sí iwájú: Ṣé òun ni ó mú kí ojú rẹ fàro láti ìjẹta?
5. Ẹ wo "rẹ" méjèèjì. "Ijoye rẹ" ni ìjòyè rẹ̀, ti ọba. "Oju rẹ" ni ojú rẹ, ìwọ tí à ń bá sọ̀rọ̀.

Ìkarùn-ún yẹn ṣe pàtàkì fún ìdí mìíràn. Ó lè yà yín lẹ́nu pé ìjòyè ń pe ọba ní "ìwọ". Nínú ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́, pàápàá àwọn tí wọ́n túmọ̀ láti èdè mìíràn, "iwọ" ni wọ́n ń lò fún ẹnì kan ṣoṣo, ì báà jẹ́ ọba. Ẹ má ṣe rò pé ìjòyè náà ń rí ọba fín, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìjà tí kò sí nínú ìtàn.

Ẹ ṣọ́ra fún "si" kan: ó lè jẹ́ *sí*, bíi "o lọ si oko", ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí a ti ń gé gbólóhùn. Bí "si" bá wà láàárín olùwà àti ọ̀rọ̀ ìṣe, ẹ gé e. Bí ibi kan tàbí ẹnì kan bá tẹ̀ lé e, ẹ fi sílẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ yan ọ̀rọ̀ tí ẹ máa wá ìtumọ̀ rẹ̀

Ẹ kò gbọ́dọ̀ wá ìtumọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀. Òfin méjì péré ni mo ń tẹ̀ lé. Mo ń wá ọ̀rọ̀ tí mo bá pàdé nígbà kẹta, nítorí ó hàn pé òǹkọ̀wé náà kò ní fi í sílẹ̀. Mo sì ń wá èyí tí n kò fi lè sọ ẹni tó ṣe kí ni sí ta. Ìyókù, mo ń fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, mo sì ń bá tèmi lọ.

Bí òǹkọ̀wé bá to orúkọ igi, ẹyẹ tàbí ohun ìjà mọ́ ara wọn, ó tó kí ẹ mọ̀ pé igi ni, tàbí ẹyẹ. Ẹ fi ohùn sókè kà á kọjá. Ìró rẹ̀ ni òǹkọ̀wé náà ń fẹ́ kí ẹ gbọ́, òun fúnra rẹ̀ kò retí pé kí ẹ dá gbogbo wọn mọ̀.

Tí ẹ bá wá pinnu láti wá ọ̀rọ̀ kan, ohun méjì ló yẹ kí ẹ mọ̀.

Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé lè má sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè bó ṣe rí, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìṣe àti ọ̀rọ̀ orúkọ ti wọnú ara wọn. Ẹ tú wọn. "Ṣọfọ" ni ṣe àti ọ̀fọ̀. "Ṣofo" ni ṣe àti òfò. "Damọran" ni dá àti ìmọ̀ràn. Ọ̀rọ̀ orúkọ Yorùbá sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ́lì, nítorí náà ẹ dá fáwẹ́lì tó sọnù padà, kí ẹ wá apá kejì náà nínú ìwé. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ orúkọ tó gùn. "Atetekọṣe" lè dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n ẹ tú u sí à, tètè, kọ́, ṣe: ohun tí a tètè kọ́kọ́ ṣe, ìbẹ̀rẹ̀pẹ̀pẹ̀. Ìwé atúmọ̀ èdè ti R. C. Abraham, tó jáde ní 1958, ló dára jù fún irú iṣẹ́ yìí lójú tèmi, nítorí àpẹẹrẹ pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì ń fi àmì ohùn hàn. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń ṣàlàyé o, ẹ mọ èyí kí ẹ tó rà á.

Èkejì, ọ̀rọ̀ tí ẹ rò pé ẹ mọ̀ léwu ju èyí tí ẹ kò mọ̀ lọ. "Ọkọ" tí wọ́n wọ̀ nínú ìwé àtijọ́, ọkọ̀ ojú omi ló sábà máa ń jẹ́. "Iwe" tí ẹnì kan fi ránṣẹ́, lẹ́tà ni. Bí ìtàn bá ṣàdédé di ohun tí kò bọ́gbọ́n mu, bíi kí wọ́n máa wa ọkọ̀ lórí odò, ẹ padà wo ọ̀rọ̀ tó rọrùn jù nínú gbólóhùn náà. Òun ló sábà ń ṣini lọ́nà.

## Òǹkà

Ẹ má fo òǹkà. Iye owó orí, iye ọmọ ogun, iye ọdún: ìtàn sábà máa ń dúró lé e lórí. Ẹ wá ìpìlẹ̀ ná, kí ẹ tó wo bóyá wọ́n lé e tàbí wọ́n dín in. "Marundilọgọta" ni ọgọ́ta, ẹ yọ márùn-ún: 55. "Ẹdẹgbẹta" ni ẹgbẹ̀ta, ìyẹn 600, ẹ yọ 100: 500. "Egbeje" ni igba lọ́nà méje: 1,400. "Ọkẹ kan" ni 20,000. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sí etí ìwé kí ẹ má baà tún un ṣírò.

## Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ tọ́jú orúkọ àwọn ènìyàn

Láàárín ìwé ni ọ̀pọ̀ ti ń dúró, kì í sì í ṣe nítorí èdè mọ́. Wọn kò mọ ẹni tí wọ́n ń kà nípa rẹ̀ mọ́ ni. Ẹnì kan náà lè ní orúkọ àbísọ ní orí kejì, oyè ní orí kẹrin, oríkì ní orí kẹfà, kí wọ́n sì máa pè é ní "baba" ọmọ rẹ̀ kan lẹ́yìn náà. Òǹkàwé á máa rò pé ènìyàn mẹ́rin ni.

Ní ẹ̀yìn ìwé pélébé yẹn, ẹ fa ìlà kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá ṣe nǹkan pàtàkì. Gbogbo orúkọ tí wọ́n bá fi pè é, ẹ tò ó sórí ìlà kan náà. Bí orúkọ tuntun bá yọ, tí ẹni náà sì ń ṣe bí ẹni tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ fura pé ó ti wà lórí ìlà kan.

Nípa iye tí ẹ óò kà lẹ́ẹ̀kan, ẹ má fi ojú ewé ṣe òdiwọ̀n. Ẹ fi ìṣẹ̀lẹ̀ ṣe é: ẹ ka ìṣẹ̀lẹ̀ kan tán, ẹ ka ìlà díẹ̀ wọ inú èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ sì dúró síbẹ̀. Bí ẹ bá padà dé, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Kí ẹ tó pa ìwé dé, ẹ kọ gbólóhùn kan nípa ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ẹ kò bá lè kọ ọ́, a jẹ́ pé ojú yín ń lọ, ọkàn yín ti dúró. Ẹ padà sí ibi tí ẹ ti mọ ẹni tí "o" ń tọ́ka sí kẹ́yìn, kì í ṣe sí ìbẹ̀rẹ̀ orí náà.

## Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Fífi ojú nìkan kà á. Àkọtọ́ àtijọ́ ń tan ojú jẹ, etí ló ń dá a mọ̀. "Ẹnyin enia" kò jọ ohun tí ẹ mọ̀ lójú, ṣùgbọ́n ẹ pè é síta, ẹ óò gbọ́ ọ.
- Kíka ọ̀rọ̀ ìṣáájú ní dandan. Ibẹ̀ ni èdè ìwé sábà ti ń le jù. Ẹ fò ó, ẹ padà sí i nígbà tí ẹ bá ti ka orí mẹ́ta.
- Bíbẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbàkigbà tí ẹ bá pẹ́ kí ẹ tó padà. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, orí kìíní nìkan ni ẹ óò mọ̀ dáadáa. Ẹ ka àwọn gbólóhùn tí ẹ ti kọ, kí ẹ sì máa bá a lọ.

## Bí ó bá ṣì le

Bí ìwé náà bá ní ẹ̀dà tí wọ́n ti yí sí àkọtọ́ òde òní, ẹ lò ó, pàápàá bí A bá pọ̀ jù nínú ìdánwò yín. Kò dín nǹkan kan kù nínú èdè òǹkọ̀wé, àyàfi bí wọ́n bá kọ ọ́ síwájú pé wọ́n gé e kúrú.

Bí G bá pọ̀ jù, ẹ wá ẹni tí ẹ ó jọ máa kà á. Ẹnì kan á ka ègé kan síta, ẹnì kejì á sọ ọ́ ní Yorùbá ti ojoojúmọ́, ẹ ó sì gba ipò ara yín lẹ́yìn ojú ewé kan.

Bí Ọ bá pọ̀ jù, ẹ wá àgbàlagbà. Ẹ má ṣe bi í pé kí ni ọ̀rọ̀ kan túmọ̀ sí, nítorí ó lè jẹ́ pé òun náà kò ní rántí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ka odindi gbólóhùn náà fún un, kí ẹ sì béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹni yìí ń ṣe níbí?" Bí gbólóhùn bá wọ̀ ọ́ létí, ọ̀rọ̀ á padà sí i lọ́kàn.

## Ẹ yẹ èyí wò kí ẹ tó jókòó

- Ìwé pélébé wà nínú ìwé: àkọtọ́ ní iwájú, orúkọ àwọn ènìyàn lẹ́yìn.
- Lẹ́ẹ̀dì wà lọ́wọ́, kì í ṣe bírò.
- Ẹ ti ka gbólóhùn tí ẹ kọ kẹ́yìn.
- Ẹ wà níbi tí ẹ ti lè fi ohùn sókè kàwé.
- Ìwé atúmọ̀ èdè wà nítòsí, ṣùgbọ́n ẹ kò ní ṣí i títí ìṣẹ̀lẹ̀ tí ẹ ń kà á fi parí.